Dò, re, mí lórí rẹkọ́dà: àkọsílẹ̀ kíláàsì kan ní Èkìtì

Kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin ni, ní ìlú kan ní Èkìtì. Ọmọ 36 ló wà níbẹ̀, rẹkọ́dà 12, fèrè oníke oníhò, ló sì wà fún gbogbo wọn. Kò sí èyí tó ti fọn fèrè kankan rí nínú àwọn ọmọ náà, kò sì sí èyí tó lè ka àmì orin. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé tíṣà wọn lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n lè fọn orin kúkúrú kan pa pọ̀ kí táàmù tó parí. Ètò ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ kọ wó lulẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Èyí tó kọ lẹ́yìn náà dúró, ó sì gba ọ̀sẹ̀ méje. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò pọ̀: ohùn wo ló kọ́kọ́ wá, ọ̀rọ̀ wo la sì fi kọ́ ìka.

Àwọn ọmọ tí a ń pè ní aláìmọ-orin wọ̀nyí ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ rẹkọ́dà kò retí. Wọ́n ti kọ́ àmì ohùn nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá. Bí tíṣà bá kọ "ọbẹ̀" sójú pátákó, wọ́n á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé "re, dò". Ohùn mẹ́ta tí gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹkọ́dà ni B, A àti G. Ìṣísẹ̀ kan gbáko ló wà láti G dé A, ìṣísẹ̀ kan gbáko náà ló sì wà láti A dé B, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà láti dò dé re, àti láti re dé mí. Nítorí náà, bí a bá fi G ṣe dò, A á di re, B á di mí, a ó sì lè fi fèrè pe ọ̀rọ̀ Yorùbá. "Ilé" á di A, B. Ọmọ tó bá ń sọ "ulé" bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé rẹ̀ kò ní yí ìka padà, nítorí ohùn kan náà ni.

Tíṣà mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ètò rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣìnà ni pé ó rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé dò ló ṣáájú lẹ́nu, dò náà ló yẹ kó ṣáájú lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti G.

G gba ìka mẹ́rin. Àtàǹpàkò ọwọ́ òsì á dí ihò ẹ̀yìn, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìka òrùka ọwọ́ kan náà á dí ihò mẹ́ta òkè níwájú. Ìka òrùka ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì lágbára, kì í sì í fẹ́ dá rìn; bó bá ń lọ síbi ihò tirẹ̀, ó máa ń fa ìka àárín kúrò lórí ihò kejì. Bí ihò kan bá sì ṣí sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ èèrà, ohùn ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀kọ́, nínú ọmọ méjìlá tó mú fèrè, mẹ́ta péré ni G wọn dún. Ti àwọn mẹ́sàn-án yòókù ń han gooro. Bó sì ṣe ń han ni wọ́n ń fẹ́ ẹ le sí i, wọ́n rò pé agbára ni kò tó.

Ọmọbìnrin kan gbé tirẹ̀ wá síwájú. "Àǹtí, tèmi ń sunkún."

"Tẹ ìka rẹ mọ́ ọn dáadáa. Má fọn ọ́n. Ka ení dé ẹẹ́wàá. Ó yá, ṣí ọwọ́, jẹ́ n wò ó."

Ohun tí ìka ọmọ náà fi hàn nìyí. Ní inú ọmọ ìka ìfábẹ̀lá, òrùka kékeré kan hàn yípo, ó pé pérépéré, ó pọ́n díẹ̀. Ti ìka àárín náà pé. Ṣùgbọ́n ti ìka òrùka dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé: ìdajì yípo ni, ó sì wà létí ìka, lẹ́bàá èékánná. Ọmọ náà ń fi ṣóńṣó ìka dí ihò, bí ẹni fẹ́ tẹ bọ́tìnì. Ibi tó ní ẹran lábẹ́ ìka ni kó fi dí i, kí ìka náà sì dùbúlẹ̀ díẹ̀. Àmì ojú ìka yìí dára ju kí tíṣà máa sọ pé "dí ihò dáadáa" lọ, nítorí ọmọ lè fúnra rẹ̀ wò ó láìpe ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ó di ohun tí gbogbo kíláàsì ń ṣe kí wọ́n tó fọn ohùn tuntun.

Etí náà lè sọ ibi tó ń jò. Bó bá jẹ́ ìka tó jìnnà sí ẹnu jù ló ń jò, ohùn náà á kàn ga sókè díẹ̀, á dà bíi pé kò mọ ibi tó fẹ́ dúró sí. Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò lẹ́yìn tàbí ìka ìfábẹ̀lá ló ṣí, ohùn á fò sókè lójijì, á sì han. Tíṣà tó bá mọ èyí kò ní máa yẹ gbogbo ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nínú ètò kejì, ó fi ẹnu sílẹ̀ lórí dò, re, mí, ó sì da ti ọwọ́ dé: mí ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà re, dò ló gbẹ̀yìn. B gba àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan. Ìka méjì wọ̀nyí ló ń mú abẹ́rẹ́, wọ́n ti mọ ara wọn. A fi ìka àárín kún un, ó di A. A fi ìka òrùka kún un, ó di G. Ìka kan ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ti mọ iṣẹ́ sì wà níbẹ̀ tó ń dì í mú.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ètò yìí jẹ́ ti B nìkan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi kọ́ ọ: "dúdú". Ohùn òkè ni gbogbo rẹ̀, B àti B. Yàtọ̀ sí èyí, "dú" gan-an ni ahọ́n gbọ́dọ̀ sọ láìdún sínú fèrè kí ohùn kọ̀ọ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ mọ́tómótó. Ọmọ tí kò bá fi ahọ́n pè é máa ń fi ọ̀nà ọ̀fun ti èémí, bí ẹni ń sọ "hú, hú", ohùn á sì máa wọlé pẹ̀lú ìró bí ẹni ń mí gúlegúle. Nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ sọ "dúdú, dúdú" sókè, wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ kí wọ́n lè fọwọ́ gbọ́ èémí tó ń kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó gbé fèrè sẹ́nu. Ètè nìkan ló ń dì í mú. Eyín kò gbọ́dọ̀ kàn án.

Bí èémí ṣe yẹ kó mọ ni wọ́n fi bébà kọ́. Wọ́n gé bébà ìwé àjákọ tó fẹ̀ tó ìka méjì, wọ́n dì í mú níwájú ẹnu ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Kí ọmọ fẹ́ ẹ kí bébà náà tẹ̀ síwájú, kó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìgbọ̀n, títí a ó fi ka mẹ́rin. Bó bá ń fò pátápátá, èémí ti pọ̀ jù. Bó bá ń lọ tó ń bọ̀, èémí kò dúró. Èémí tí a fi ń mú ẹ̀kọ gbígbóná tó wà nínú abọ́ kíkún tutù, tí a kò fẹ́ kó dà sílẹ̀, kò jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ rẹkọ́dà 12 fún ọmọ 36 ti fẹ́ da ètò àkọ́kọ́ rú kí G tó dé rárá. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì ń gba fèrè lọ́wọ́ ara wọn láàárín ẹ̀kọ́ oníṣẹ́jú 35. Ẹnu ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ kan ibi tí ẹnu ẹlòmíì ti kàn láìfọ̀ ọ́, fífọ̀ náà sì ń jẹ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú 35. Nínú ètò kejì, wọ́n sọ ẹ̀kọ́ náà di ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀wọ́ kan ló ń fọn fèrè látìbẹ̀rẹ̀ dópin lọ́jọ́ kan, ọ̀wọ́ kejì á gbé pẹ́ńsù sí àgbọ̀n, wọ́n á máa fi ìka ṣe é lórí rẹ̀ bí ẹni pé fèrè ni, ọ̀wọ́ kẹta á máa fi ẹnu kọ dò, re, mí, wọ́n á sì máa gbé ọwọ́ sí àyà fún mí, sí ikùn fún re, sí itan fún dò. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A kò rí i pé àwọn tó di pẹ́ńsù mú lọ́jọ́ Ajé burú ju àwọn yòókù lọ lọ́jọ́ tí fèrè kàn wọ́n. Nígbà míì ìka wọn tilẹ̀ rọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí kò sí ariwo tó ń dẹ́rù bà wọ́n.

Òpin ọjọ́ ni wọ́n ń fọ gbogbo rẹ̀. Bàsíà omi ọṣẹ kan, bàsíà omi tútù kan. Omi lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbóná, nítorí oríṣi oníke yìí lè tẹ̀. Orí fèrè nìkan ni kí wọ́n tú kúrò kí wọ́n fọ̀ nígbà gbogbo. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki igi ìṣáná tàbí bírò bọ inú ihò onígun mẹ́rin tó wà lórí rẹ̀: etí tó mú níbẹ̀ ló ń gé atẹ́gùn kó tó di ohùn, bí ó bá ti họ, fèrè náà ti tán.

A lọ sí A lọ́sẹ̀ kejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Kí a yan ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìka ṣe lè rìn ni ọgbọ́n ibẹ̀, a kò ní wo bó ṣe rọrùn láti kọ. Àwọn tó ń lọ láàárín A àti B ló kọ́kọ́ wá, nítorí ìka kan péré ló ń gbé tàbí tó ń bọ̀ sílẹ̀: "ilé", "iyán", "Adó", gbogbo wọn A, B. "Kékeré" ni B, A, B. "Ọmọ", "ata" àti "iṣu" ni A, A, wọ́n sì dára fún ahọ́n. Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ ń fọn "iyán" lóhùn kan. Lọ́sẹ̀ kẹrin ni G wọlé, "ọbẹ̀" àti "ọjà" ló mú un wọlé, A, G. Lẹ́yìn náà ni "Èkìtì", G, G, G.

Ìgbà tí wọ́n dé "Ìkẹ́rẹ́" ni wàhálà ọ̀sẹ̀ karùn-ún bẹ̀rẹ̀. G, B, B ni, "ìyá" àti "ìwé" náà G, B. Láti G sí B, ìka méjì gbọ́dọ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìka òrùka bá ṣáájú, A á yọjú láàárín, a ó gbọ́ G, A, B, "ìyá" á wá di ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n ní "ìyá kọ́ nìyẹn". Èyí ni ìwúlò ọ̀rọ̀: ọmọ tí kò lè sọ pé ìṣísẹ̀ kan ti wọlé láàárín lè sọ pé wọn kò pe ìyá. Ohun tó wò ó sàn ni pé kí wọ́n ṣe é láìfọn, kí ọwọ́ ọ̀tún di ìsàlẹ̀ fèrè mú, kí ìka méjèèjì máa gbá ihò papọ̀ kí ìró "pọ́" tó ń jáde jẹ́ ẹyọ kan. Bí ó bá dún "pọ́-pọ́" ní méjì, ìka kò tíì bára rìn. Ìgbà mẹ́wàá láìfọn, ìgbà mẹ́ta pẹ̀lú èémí.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ló sì dá àṣìṣe kan sílẹ̀ tí a kì í sábà rí níbòmíì. Bí a bá fẹ́ sọ ohùn òkè tagbáratagbára, a máa ń gbé ohùn sókè, a ó fi agbára kún un. Àwọn ọmọ gbé ìwà yìí lọ sórí fèrè: nígbàkúùgbà tí mí bá dé, wọ́n á fẹ́ ẹ le. Rẹkọ́dà kò gba ìyẹn. Èémí tó bá le, ohùn á ga kọjá B, bó bá tún le sí i, á fò, á han. Ìka ló ń yan ohùn, èémí kàn ń gbé e ni. Tíṣà mú bébà padà: ó ní kí wọ́n fọn "iyán" nígbà tí ẹnì kejì di bébà sí iwájú ẹsẹ̀ fèrè, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ dáadáa, atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ kò tó. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n máa fọn B wúyẹ́, A sókè díẹ̀, kí ó dà bí ẹni pé re ni wọ́n fẹ́ pariwo rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà kí híhan tó dín kù.

Ọwọ́ òsì tún mú ọ̀rọ̀ wá. Ó yẹ kó wà lókè, ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀, ìbáà jẹ́ alòsì ni ọmọ náà. Àwọn ọmọ tí a ti kọ́ láti kékeré pé a kì í fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà máa ń fi ọ̀tún sókè láìrò ó. Ní B, A, G, kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ létí, nítorí náà tíṣà lè má rí i. Ṣùgbọ́n ihò ìsàlẹ̀ pátápátá yẹ̀ sápá kan kí ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún lè tó o. Níbi tí ẹsẹ̀ fèrè kò bá ṣeé yí, ọmọ tó ti fi ọ̀tún sókè fún táàmù kan yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ́. Wọ́n so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì: pupa lókè. Ó tán síbẹ̀.

Ọ̀ràn omi kéré. Nígbà ọyẹ́, ike tútù máa ń gba omi inú èémí, ó á dí ojú ọ̀nà tóóró tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ohùn á sì há. Kí ọmọ di orí fèrè mọ́ àtẹ́lẹwọ́ fún ìṣẹ́jú kan kó tó fọn ọ́n. Bó bá ti dí, kó fi ìka bo ihò onígun mẹ́rin láìtẹ̀ ẹ́, kó fẹ́ ẹ kíkan lẹ́ẹ̀kan, omi á jáde.

Orin tí wọ́n fi parí rẹ̀ ni gbólóhùn kan tí kíláàsì náà fúnra wọn yàn: "Mo jẹyán, ọbẹ̀ dùn." Ìka rẹ̀ ni A, A, B, lẹ́yìn náà A, G, G. Kò sí ìfò láti G sí B nínú rẹ̀, ẹ̀rọ̀ sì ni fún àwọn tí ìka wọn kò tíì bára rìn. Ibi tó le jù ni láti B padà sí A lẹ́yìn ìsinmi, nítorí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé pé ìka àárín ti gbéra. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín apá méjèèjì gbólóhùn náà kí gbogbo wọn lè mí papọ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ni tíṣà fa ìlà márùn-ún sójú pátákó, ó gbé G sórí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀, A sínú àlàfo tó wà lókè rẹ̀, B sórí ìlà àárín. Wọn kò kọ́ kíkà ṣáájú fífọn.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó dé. Fèrè kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín "ilé", "iyán" àti "Adó". A, B ni gbogbo wọn. Onígángan náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fi gbólóhùn gígùn pe ohun tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ìbá pè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ẹnu ènìyàn kì í wà lórí ìṣísẹ̀ kan gbáko nígbà gbogbo, ó máa ń yọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì, rẹkọ́dà a sì máa fò. Bí a bá dé C òkè, tó jẹ́ àtàǹpàkò àti ìka àárín nìkan, àti D òkè, tó jẹ́ ìka àárín nìkan láìsí àtàǹpàkò, a ti dé fà àti sò, Yorùbá kò sì ní ohùn kẹrin. Níbẹ̀ ni kí a ti sọ fún àwọn ọmọ pé orin kì í tẹ̀lé ọ̀rọ̀ dandan. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ láti inú orin ìsìn tí a túmọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ti lè ga nígbà tó yẹ kó rẹlẹ̀.

F ni wọ́n fi sílẹ̀ di táàmù kejì, pẹ̀lú ìdí. Rẹkọ́dà 12 yẹn kì í ṣe oríṣi kan náà. Ìlànà Jámánì wà nínú wọn, ti Báróòkì náà sì wà; B, A, G, C àti D òkè kò yàtọ̀ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìka tí a fi ń fọn F yàtọ̀, bí a bá dà wọ́n pọ̀, ìdajì kíláàsì á ṣìnà lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn fèrè, wọ́n máa ń tẹ G fún Jámánì tàbí B fún Báróòkì sí i nígbà míì láti fi hàn. Níbi tí kò bá sí, kí a ka ihò iwájú láti òkè. Bí ìkarùn-ún bá kéré ju ìkẹrin lọ, ti Jámánì ni. Bí ìkẹrin bá kéré ju ìkarùn-ún lọ, ti Báróòkì ni. Kí ilé ẹ̀kọ́ náà tó ra 24 tó kù, kí ẹni tó ń lọ sọ́jà wo ihò méjèèjì yìí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má wo páálí.